Kí Ló Dá Àtẹ̀gùn Dúró ní Márùn-ún? Àgbéyẹ̀wò Àwọn Ẹgbẹ́ Tó Ṣeé Tú

Ìbéèrè tó bí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro láti sọ. Ọmọ girama mọ òfin tí a fi ń wá x nínú ìdọ́gba alágbára kejì: a ó ṣírò díẹ̀, a ó yọ gbòǹgbò kejì lẹ́ẹ̀kan, ìdáhùn méjèèjì yóò sì jáde. Ní 1545, Girolamo Cardano ará Ítálì tẹ ìwé Ars Magna jáde, ó sì gbé òfin irú èyí kalẹ̀ fún alágbára kẹta àti alágbára kẹrin. Lodovico Ferrari, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ló ni ti alágbára kẹrin. Àwọn òfin náà gùn, àmọ́ ìròpọ̀, ìyọkúrò, ìsọdipúpọ̀, pínpín àti yíyọ gbòǹgbò nìkan ló wà nínú wọn. Ó wá ku alágbára karùn-ún. Ó lé ní igba ọdún tí àwọn onímọ̀ fi wá a. Paolo Ruffini kéde ní 1799 pé òfin bẹ́ẹ̀ kò sí, ṣùgbọ́n ẹ̀rí rẹ̀ ní àlàfo. Niels Henrik Abel, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Nọ́wè, ló fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀ ní 1824.

Abel fi hàn pé òfin kò sí. Évariste Galois, ọmọ Faransé, ló fi ìdí tí kò fi sí hàn wá, ìdí yẹn sì ni mo fẹ́ kí a jọ tọ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Galois kú ní 1832 lẹ́ni ogún ọdún, 1846 ni Joseph Liouville sì tó tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Àwọn nọ́mbà tó wà nínú ìdọ́gba kọ́ ló tẹjú mọ́. Ó wo àwọn ìdáhùn, ó sì béèrè pé: ọ̀nà mélòó ni wọ́n lè gbà pààrọ̀ ipò láàárín ara wọn?

Ká ní ìdáhùn mẹ́rin ni ìdọ́gba kan ní. A lè tún wọn tò lọ́nà 24, bí a bá ka àìfọwọ́kàn wọn rárá mọ́ ọn. Ká pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìtúntò. Bí a bá ṣe ìtúntò kan tẹ̀lé òmíràn, ìtúntò ṣì ni yóò já sí, kò sì sí èyí tí a ṣe tí a kò lè dá padà. Àkójọ tó bá ní ìwà méjì yìí ni a ń pè ní ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ ìtúntò nǹkan mẹ́rin ni S4, ó ní ọmọ ẹgbẹ́ 24. Ti nǹkan márùn-ún ni S5, ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 120. Ìdọ́gba kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ tirẹ̀. Ẹgbẹ́ náà lè kéré ju gbogbo ìtúntò lọ, ṣùgbọ́n bí a kò bá yan ìdọ́gba kan pàtó, odidi rẹ̀ ni a ó bá pàdé.

Ohun tó ń fa wàhálà nínú ẹgbẹ́ ni ètò. Ẹni tó wọ bùbá kó tó wọ agbádá kò rí bí ẹni tó wọ agbádá kó tó wọ bùbá. Nínú ẹgbẹ́ kan, x tẹ̀lé y lè yàtọ̀ sí y tẹ̀lé x, ó sì yẹ kí a mọ bí ìyàtọ̀ náà ṣe pọ̀ tó. Ọ̀nà tí a fi ń wọ̀n ọ́n rèé: ṣe x, ṣe y, dá x padà, dá y padà. Bí ètò kò bá já mọ́ nǹkan kan láàárín àwọn méjèèjì, ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ ni a ó padà sí. Bó bá já mọ́ nǹkan, ohun kan yóò ṣẹ́ kù. Mo ń pe ohun tó ṣẹ́ kù yìí ní àṣẹ́kù. Kó gbogbo àṣẹ́kù inú ẹgbẹ́ kan jọ, fi gbogbo ohun tí wọ́n lè bí tí a bá ń ṣe wọn tẹ̀léra kún un, ẹgbẹ́ kékeré kan yóò jáde nínú ẹgbẹ́ ńlá náà: ẹgbẹ́ àṣẹ́kù rẹ̀. A lè tún wá àṣẹ́kù ti ẹgbẹ́ kékeré náà, ká tún wá ti èyí tó tẹ̀lé e, ká máa sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àtẹ̀gùn àṣẹ́kù nìyẹn. Bó bá sọ̀ dé ibi tí ó ku ọmọ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, ìyẹn àìfọwọ́kan-nǹkan, a ní ẹgbẹ́ náà ṣeé tú. Galois fi hàn pé ìgbà tí ẹgbẹ́ ìdọ́gba kan bá ṣeé tú nìkan ni a lè fi gbòǹgbò yọ ìdáhùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ àtẹ̀gùn S4 kalẹ̀. Kọ́kọ́ kíyè sí i pé nínú àṣẹ́kù, ohun gbogbo la ṣe, ohun gbogbo la sì dá padà. Nítorí náà, bí a bá tú àṣẹ́kù sí pípààrọ̀ méjì-méjì, iye pípààrọ̀ náà máa ń ṣeé pín sí méjì. Àwọn ìtúntò tó ní ìwà yìí jẹ́ ìdajì S4, 12 ni wọ́n, A4 sì ni orúkọ wọn. Àṣẹ́kù S4 kò lè jáde kúrò nínú A4. Ṣé ó kún A4? Mú pípààrọ̀ 1 pẹ̀lú 2, mú pípààrọ̀ 1 pẹ̀lú 3, kí o wá àṣẹ́kù wọn: 1 lọ sí ipò 3, 3 lọ sí ipò 2, 2 padà sí ipò 1. Ìyípo mẹ́ta nìyẹn. Bí a ṣe rí ọ̀kan yìí la ṣe lè rí gbogbo ìyípo mẹ́ta, àwọn ìyípo mẹ́ta ló sì ń bí gbogbo A4. Àtẹ̀gùn ti sọ̀ láti 24 sí 12.

Nínú A4, ẹgbẹ́ kékeré kan wà tó ṣe pàtàkì ju bó ṣe kéré lọ. Mẹ́rin péré ni ọmọ rẹ̀: àìfọwọ́kan-nǹkan, àti àwọn ìtúntò mẹ́ta tó ń pààrọ̀ méjì-méjì lẹ́ẹ̀kan náà, bíi 1 pẹ̀lú 2 àti 3 pẹ̀lú 4. V4 là ń pè é. Bí o bá wá àṣẹ́kù ìyípo mẹ́ta méjì nínú A4, inú V4 ló máa bọ́ sí ní gbogbo ìgbà, òun náà sì kún V4. Ní ti V4 fúnra rẹ̀, ètò kò já mọ́ nǹkan kan níbẹ̀: gbogbo àṣẹ́kù inú rẹ̀ ti parẹ́. Nítorí náà àtẹ̀gùn S4 ni 24, 12, 4, 1. Ó dé ilẹ̀. S4 ṣeé tú.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká fi nǹkan kan kún mẹ́rin. Mú ìyípo mẹ́ta x tó gbé 1 lọ sí 5, 5 lọ sí 3, 3 lọ sí 1. Mú òmíràn, y, tó gbé 1 lọ sí 4, 4 lọ sí 2, 2 lọ sí 1. Nọ́mbà 1 nìkan ni àwọn méjèèjì jọ ní. Tọ nọ́mbà kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn nígbà tí a bá ṣe x, tí a ṣe y, tí a dá x padà, tí a dá y padà. Nọ́mbà 1 lọ sí 5, y kò fọwọ́ kàn án, ó padà sí 1, dídá y padà sì gbé e lọ sí 2. Nọ́mbà 2 dúró, ó lọ sí 1, ó lọ sí 3, ó dúró síbẹ̀. Nọ́mbà 3 lọ sí 1, ó lọ sí 4, ó dúró, ó padà sí 1. Nọ́mbà 4 àti 5 padà sí ipò wọn. Àṣẹ́kù náà ni ìyípo 1, 2, 3.

Ẹ dúró díẹ̀ níbi yìí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn ìbéèrè wa wà. Ìyípo mẹ́ta jẹ́ àṣẹ́kù ìyípo mẹ́ta méjì. Bí ẹgbẹ́ kan lórí àtẹ̀gùn S5 bá ní gbogbo ìyípo mẹ́ta, ẹgbẹ́ àṣẹ́kù rẹ̀ náà yóò ní gbogbo wọn, èyí tó tún tẹ̀lé e yóò ní wọn, kò sì ní tán láéláé. S5 sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, láti 120 sí A5 tó jẹ́ 60, ó sì dúró. Kí ló dé tí èyí kò ṣẹlẹ̀ ní mẹ́rin? Ìyípo méjì tó jọ ní nọ́mbà kan ṣoṣo gba nọ́mbà márùn-ún: mẹ́ta ti àkọ́kọ́, méjì tuntun ti èkejì. Nọ́mbà mẹ́rin kò gba irú wọn. Níbẹ̀, ìyípo mẹ́ta méjì gbọ́dọ̀ jọ ní nọ́mbà méjì ó kéré tán, inú V4 sì ni àṣẹ́kù wọn máa ń bọ́ sí. Nítorí náà àyè ló fa gbogbo rẹ̀. Mẹ́rin há jù, márùn-ún sì ni iye àkọ́kọ́ tí àyè ti wà.

Ẹni tó bá fẹ́ rí i lójú kọ̀ǹpútà lè lo GAP, ètò ìṣirò ẹgbẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ ní Aachen ní Jámánì ní 1986, ọ̀fẹ́ sì ni:

```
gap> List(DerivedSeriesOfGroup(SymmetricGroup(4)), Size);
[ 24, 12, 4, 1 ]
gap> List(DerivedSeriesOfGroup(SymmetricGroup(5)), Size);
[ 120, 60 ]
```

Èsì kejì dúró ní 60 nítorí pé kò sí ibi tó tún máa lọ. Ẹ má ṣe tìtorí èyí rò pé gbogbo ìdọ́gba alágbára karùn-ún ló le tó bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe tí mo máa ń bá pàdé jù nìyẹn. Ẹgbẹ́ ti x⁵ − 2 = 0 ní ọmọ 20 péré, àtẹ̀gùn rẹ̀ ni 20, 5, 1, gbòǹgbò karùn-ún sì ń tú u tán. Àmọ́ x⁵ − 4x + 2 = 0, tí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí i lójú, ní odidi S5 ní ẹgbẹ́, kò sì sí ìdáhùn rẹ̀ kan tí a lè fi gbòǹgbò kọ sílẹ̀.

Àtẹ̀gùn àṣẹ́kù ń sọ fún wa bóyá ẹgbẹ́ ṣeé tú. Kò sọ ohun tí ẹgbẹ́ fi ara jọ. Fún ìyẹn, a nílò àtẹ̀gùn mìíràn, tí ìgbésẹ̀ rẹ̀ kéré tó bí ìgbésẹ̀ ṣe lè kéré tó.

A ó kọ́kọ́ mọ irú ẹgbẹ́ kékeré tí a lè fi pín ẹgbẹ́ ńlá. Ẹgbẹ́ kékeré kan fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ńlá bó bá jẹ́ pé, ohunkóhun tí a bá ṣe nínú ẹgbẹ́ ńlá, tí a wá mú ọmọ ẹgbẹ́ kékeré kan tẹ̀lé e, tí a sì dá ohun àkọ́kọ́ padà, inú ẹgbẹ́ kékeré náà ni a ṣì wà. Bó bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, a lè ka gbogbo ọmọ rẹ̀ sí àìṣe-nǹkan, ohun tó bá kù nínú ẹgbẹ́ ńlá yóò sì jẹ́ ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀. Ìpín là ń pe ohun tó kù yẹn. Fi A4 pín S4, ìpín ọlọ́mọ méjì ló jáde. Fi V4 pín A4, ìpín ọlọ́mọ mẹ́ta ni. Ẹgbẹ́ tí kò ní ẹgbẹ́ kékeré afẹsẹ̀múlẹ̀ kankan láàárín òun àti àìfọwọ́kan-nǹkan kò ṣeé fọ́. Bí a bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ẹgbẹ́ kan tó jẹ́ pé gbogbo ìpín ojú ọ̀nà jẹ́ àìlèfọ́, àwọn ìpín náà ni ìpín ìpìlẹ̀ rẹ̀.

S4 sọ̀ kalẹ̀ báyìí: S4, A4, V4, ẹgbẹ́ ọlọ́mọ méjì kan nínú V4, kí ó tó kan àìfọwọ́kan-nǹkan. Ìpín rẹ̀ jẹ́ 2, 3, 2, 2. Ẹ kíyè sí ẹgbẹ́ ọlọ́mọ méjì yẹn: ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú V4, kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú S4. Ìyẹn kò ba nǹkan jẹ́. Ohun tí a béèrè ni pé kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú èyí tó wà lókè rẹ̀ gan-an, kò dé orí àtẹ̀gùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ yóò dúró ní V4, yóò sì rò pé òun ti dé òpin.

Mo fẹ́ràn ohun tí 2, 3, 2, 2 yìí túmọ̀ sí nínú iṣẹ́ Ferrari. Fún ìdáhùn mẹ́rin a, b, c, d, ọ̀nà rẹ̀ dúró lórí iye mẹ́ta bíi ab + cd, ac + bd, ad + bc. Ìtúntò inú V4 kò yí ìkankan wọn padà, nítorí náà ìdọ́gba alágbára kẹta ló ń darí wọn. Ó yọ gbòǹgbò kejì kan, ó yọ gbòǹgbò kẹta kan láti tú ìyẹn, ó sì tún yọ gbòǹgbò kejì lẹ́ẹ̀mejì láti dé ọ̀dọ̀ a, b, c, d. Ìgbésẹ̀ òfin 1545 náà ni ìpín ìpìlẹ̀ S4, lẹ́sẹẹsẹ. Fún ẹgbẹ́ tí iye ọmọ rẹ̀ lópin, ṣíṣeé tú túmọ̀ sí pé iye ọmọ gbogbo ìpín ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nọ́mbà àìlèpín, èyí tí 1 àti òun fúnra rẹ̀ nìkan lè pín, bíi 2, 3, 5, 7.

Nísinsìnyí iyèméjì kan gbọ́dọ̀ wá síni lọ́kàn. Ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀ lè pọ̀ nínú ẹgbẹ́ kan. Ta ló sọ pé ẹni tó gba ọ̀nà mìíràn kò ní bá ìpín mìíràn pàdé? Bóyá ọ̀nà kan wà nínú S5 tí kò tíì sí ẹni tó rí, tí gbogbo ìpín rẹ̀ á kéré. Camille Jordan dáhùn apá kan nínú ìwé ńlá rẹ̀ ti 1870 lórí ìtúntò àti ìdọ́gba: iye ọmọ àwọn ìpín kì í yàtọ̀, ètò wọn nìkan ló lè yí padà. Ní 1889, Otto Hölder ará Jámánì parí rẹ̀: àwọn ìpín náà gan-an, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́, bákan náà ni wọ́n.

Ìdí rẹ̀ ṣeé rí nínú nọ́mbà 0 dé 11, tí ìròpọ̀ bá dé 12 kí a padà sí 0. Ẹgbẹ́ ọlọ́mọ 12 ni. Kọ́lá gba ọ̀nà àwọn nọ́mbà tó ṣeé pín sí méjì: 0, 2, 4, 6, 8, 10, wọ́n jẹ́ 6. Bísí gba ọ̀nà àwọn tó ṣeé pín sí mẹ́ta: 0, 3, 6, 9, wọ́n jẹ́ 4. Ìpín àkọ́kọ́ Kọ́lá jẹ́ 2, ti Bísí jẹ́ 3. Wọn kò bára mu. Ṣùgbọ́n wo ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé: 0 àti 6. Láti ẹgbẹ́ Kọ́lá dé ibẹ̀, 6 sí 2, ìpín rẹ̀ jẹ́ 3. Láti ẹgbẹ́ Bísí dé ibẹ̀, 4 sí 2, ìpín rẹ̀ jẹ́ 2. Ohun tí Kọ́lá kọ́kọ́ san ni Bísí san lẹ́yìn, ohun tí Bísí kọ́kọ́ san ni Kọ́lá san lẹ́yìn. Láti ibi ìpàdé wọ́n jọ ń sọ̀ kalẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú ẹgbẹ́ yòówù tó lópin. Bí A àti B bá yàtọ̀, tí wọ́n fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú G, tí ìpín àwọn méjèèjì sì jẹ́ àìlèfọ́, A àti B papọ̀ á kún G. Ìpín tí A fi G sílẹ̀ ni ìpín láàárín B àti ibi tí wọ́n ti pàdé. Ìpín tí B fi G sílẹ̀ ni ìpín láàárín A àti ibi ìpàdé kan náà. Ẹni tó bá ti fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ tó kéré ju G lọ lè fi èyí gbé e dé G. Kò sí ohun mìíràn nínú ẹ̀rí náà.

Nítorí èyí ni ọ̀nà kan ṣoṣo fi tó fún S5. Ó sọ̀ sí A5, A5 sì jẹ́ àìlèfọ́, ó rọrùn láti fi òǹkà hàn. Ẹgbẹ́ kékeré tó bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, bó bá ní ìtúntò kan, ó gbọ́dọ̀ ní gbogbo irú rẹ̀. Irú ìtúntò inú A5 pín sí 1, 15, 20, 12 àti 12. Iye ọmọ ẹgbẹ́ kékeré náà gbọ́dọ̀ jẹ́ 1 pẹ̀lú díẹ̀ nínú àwọn yòókù, ó sì gbọ́dọ̀ pín 60 láìṣẹ́kù. Gbìyànjú wọn: 13, 16, 21, 25, 28, 33, 36, títí dé 48. Kò sí èyí tó pín 60, àfi 1 àti 60 fúnra wọn. Nítorí náà ìpín ìpìlẹ̀ S5 ni 2 àti A5, Jordan àti Hölder sì ti ti ilẹ̀kùn gbogbo ọ̀nà mìíràn: ẹni tó bá pàdé A5 lẹ́ẹ̀kan ti pàdé rẹ̀ títí láé.

Òfin Jordan àti Hölder yìí ní ààlà méjì, ó sì yẹ kí a sọ wọ́n kedere. Àwọn nọ́mbà odindi, pẹ̀lú ìròpọ̀, ṣeé tú ní ìgbésẹ̀ kan, nítorí ètò kò já mọ́ nǹkan nínú ìròpọ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò ní ìpín ìpìlẹ̀: láti gbogbo wọn sí àwọn tí 2 lè pín, sí àwọn tí 4 lè pín, sí 8, ìsọ̀kalẹ̀ náà kò lópin. Ààlà kejì wúwo jù. Ìpín ìpìlẹ̀ kan náà kò túmọ̀ sí ẹgbẹ́ kan náà. S3, ẹgbẹ́ ìtúntò nǹkan mẹ́ta, ní ìpín 2 àti 3. Ẹgbẹ́ nọ́mbà 0 dé 5 náà ní 2 àti 3. Ètò ṣe pàtàkì nínú ọ̀kan, kò ṣe nínú èkejì.

Lẹ́yìn Jordan àti Hölder, iṣẹ́ tó kù pín sí méjì. Ọ̀kan ni mímọ ẹgbẹ́ tó ṣeé tú láti ara iye ọmọ rẹ̀ nìkan. William Burnside fi hàn ní 1904 pé bí nọ́mbà àìlèpín méjì péré bá wà nínú iye náà, ó ṣeé tú. 60, tó ní 2, 3 àti 5, ni iye tó kéré jù lọ tí ẹgbẹ́ ti lè má ṣeé tú. Ní 1963, Walter Feit àti John Thompson fi ojú ewé 255 fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé gbogbo ẹgbẹ́ tí iye ọmọ rẹ̀ kò ṣeé pín sí méjì ló ṣeé tú. Orí iṣẹ́ yìí ni a dúró lé láti to gbogbo ẹgbẹ́ àìlèfọ́ tó lópin, iṣẹ́ tí àlàfo ńlá ìkẹyìn rẹ̀ di dídí ní 2004.

Iṣẹ́ kejì ni bí a ṣe ń tún àwọn ìpín tò padà sí odidi ẹgbẹ́, ibẹ̀ ni mo sì rò pé ọ̀rọ̀ náà ti le jù. Mú àwọn ẹgbẹ́ tó ní ọmọ 8: gbogbo wọn ní ìpín ìpìlẹ̀ 2, 2, 2, síbẹ̀ márùn-ún ni wọ́n. Mú àwọn tó ní ọmọ 1024: ìpín ìpìlẹ̀ wọn jẹ́ 2 lọ́nà mẹ́wàá, gbogbo wọn ṣeé tú, wọ́n sì lé ní bílíọ̀nù 49. Ti 2048 kò tíì sí ẹni tó kà á tán.